Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bò lára rìsíìtì kẹ́ ẹ tó gbé e sí Fesibúùkù

Ká ní oníṣòwò kan n'Ìkìrun fẹ́ gbé àwòrán rìsíìtì owó tí oníbàárà san sí Fesibúùkù. Kó kọ́kọ́ bo nǹkan wọ̀nyí:

- Orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà àkáǹtì méjèèjì, gbogbo díjíìtì 10 pátápátá. Òun ni gbájúẹ̀ máa ń kà síni létí lórí fóònù pé báńkì lòun ti ń pè.
- Iye owó tó kù nínú àkáǹtì.
- Àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù.
- Mẹ́séèjì tó yọ lókè fóònù. Kóòdù báńkì lè wà níbẹ̀.

Ẹ má fi ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Tí wọ́n bá mú àwòrán náà mọ́lẹ̀ sí i, nọ́ńbà á tún hàn. Àwọ̀ dúdú tó dí pátápátá ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ gbé tuntun yẹn síta.