Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Ibi? Olódùmarè, Ajogun àti Orí tí Àjàlá Mọ

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láàmú láti ayé Gíríìkì àtijọ́. Èpíkúrù ni wọ́n sọ pé ó bèèrè rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ mú ibi kúrò ṣùgbọ́n tí kò lè mú un kúrò, a jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó. Bí ó bá lè mú un kúrò ṣùgbọ́n tí kò fẹ́, a jẹ́ pé oore rẹ̀ kò pé. Bí ó bá wá fẹ́, tí ó sì lè ṣe é, níbo ni ibi ti wá? Ní 1710, Láíbínísì ará Jámánì fún ìgbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí ìdáláre Ọlọ́run, bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ìbéèrè yìí kò lè mú ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbọ́ papọ̀: pé kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe, pé oore nìkan ni ìṣe rẹ̀, àti pé ibi wà lóòótọ́. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ ti bọ́ nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ àwọn baba ńlá wa gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Kúráótà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, ó sì tako ìtumọ̀ náà: ìránṣẹ́ Olódùmarè ni Èṣù, kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni ó ti pe Olódùmarè ní alágbára jùlọ, ọlọ́gbọ́n jùlọ àti mímọ́. Ó gba ẹlẹ́bi kúrò nílé ẹjọ́, ó sì fi Olódùmarè nìkan sílẹ̀ níwájú adájọ́.

Ní 1998, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Bẹ́wàjí fèsì pé ìbéèrè náà kì í ṣe tiwa rárá, nítorí àwọn àgbà kò sọ pé oore nìkan ni ó ti ọ̀dọ̀ Olódùmarè wá. Tibi tire la dá ilé ayé. Àwọn àgbà awo náà mọ̀ pé àwọn ajogun wà: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn láyé, ẹbọ sì ni a fi ń bá wọn ṣe àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan wò ó. Ká ní ìyá kan dífá, ó rú ẹbọ, ó lo oògùn, síbẹ̀ ibà pa ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta. Bí a bá sọ fún un pé Ikú ni ó mú un, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yóò bèèrè ẹni tí ó fún Ikú láàyè. Ohun tí a sábà máa ń sọ tẹ̀ lé e ni pé àkúnlẹ̀yàn ọmọ náà ni.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀. Nínú ìtàn Ifá tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé, wọ́n sì mú orí tí ó wù wọ́n. Orí náà dára lójú, ṣùgbọ́n kò jinná dáadáa. Nígbà tí òjò rọ̀ lé wọn lójú ọ̀nà ayé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ní tirẹ̀ dé pẹ̀lú iyọ̀ àti owó ẹyọ tí Ifá ní kí ó mú dání. Ó bá olówó kan tí ó wá sin gbèsè lọ́wọ́ Àjàlá, ó san gbèsè náà, Àjàlá sì fi orí tí ó jinná hàn án.

Ìtàn náà gbèjà ẹbọ dáadáa. Àmọ́ ó fi ohun mìíràn hàn. Àwọn méjèèjì kò mọ èyí tí ó jinná yàtọ̀ sí èyí tí kò jinná. Yíyàn láìsí ìmọ̀ kò jẹ́ ẹ̀bi lójú adájọ́ kankan, ẹni tí ó bá sì di àkúnlẹ̀yàn ru ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi ni. Amọ̀kòkò onígbèsè tí ń kó orí tútù síta, ta ni ó fi í sí ẹnu iṣẹ́? Olódùmarè ni.

A gbà pẹ̀lú Bẹ́wàjí pé a kò ta kókó Èpíkúrù, nítorí a kò gba ọ̀rọ̀ kejì bí Láíbínísì ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n ìtakora nínú ọ̀rọ̀ nìkan ni èyí yanjú. Ẹ̀sùn ìyá náà ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá sì sọ pé tibi tire ni Olódùmarè ń fúnni, a gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí a fi ń pè é ní adákẹ́dájọ́ tí kì í ṣègbè. Ẹnìkan lè fèsì pé ìdájọ́ òdodo yàtọ̀ sí oore, pé ọba lè jẹ́ olódodo láì jẹ́ aláàánú. Ìdáhùn náà lágbára. Ṣùgbọ́n ọba olódodo pàápàá yóò pe Àjàlá kí ó wá wí tẹnu rẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ ìtàn ibi tí wọ́n ti pè é.