Títa Ìpín Ìdókòwò Tí A Yá

Èyí ni kí ènìyàn yá ìpín ilé-iṣẹ́ kan, kó tà á, pẹ̀lú ìrètí pé iye rẹ̀ yóò wálẹ̀ kó tó rà á padà fún ẹni tó ni ín. Ká ní oníṣòwò kan ní Adéwọlé, Ìlọrin, yá ìpín 1,000, ó sì tà wọ́n ní ₦20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí owó ìyáni bá jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ₦200 ń jáde lápò rẹ̀ lóṣooṣù, kódà bí iye ìpín náà kò bá yí padà. Èrè rẹ̀ kò lè kọjá ₦20,000 tó gbà. Àdánù kò lópin.

Ní ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, iye kì í gòkè ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ má pe èyí ní ààbò. Bí ìpín náà bá kan òkè bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje, ₦20 á di nǹkan bí ₦39, oníṣòwò náà kò sì ní rí ẹni tó ń tà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ní Jámánì, Porsche kéde pé nǹkan bí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín Volkswagen ti wà níkàáwọ́ òun. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní bí ìdá 20. Ìwọ̀nba tó kù kò tó àwọn tó yá ìpín tà láti san gbèsè wọn. Láàrin ọjọ́ méjì, iye náà fò láti bíi 200 yúrò kọjá 1,000.

Nítorí náà, ìwọ̀n ohun tí a tà ló ń dáàbò boni. Ẹni tí kò fẹ́ pàdánù ju ₦20,000 lọ bí iye bá di ìlọ́po méjì kò gbọ́dọ̀ tà ju ₦20,000 lọ, bó tilẹ̀ ní mílíọ̀nù kan náírà.