Àfikún sí Òwò Tó Ń Jèrè Láìsí Àfikún Ewu

Àfikún onípírámíìdì ni ìlànà tí àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò, irè oko tàbí owó ilẹ̀ òkèèrè fi ń mú kí òwò kan máa tóbi sí i bó ṣe ń jèrè. Nínú irú rẹ̀ tó múná jù, wọn kì í fi kún òwò tó ń pàdánù rárá, àfikún kankan kò sì gbọdọ̀ mú kí àpapọ̀ owó tó lè bọ́ sọ́nù ju iye tí wọ́n ti fọwọ́ sí kí wọ́n tó ra ìpín àkọ́kọ́. Iye ìjáde ló ń mú èyí ṣeé ṣe, ìyẹn iye tí wọ́n ti sọ fún alágbàtà pé bí ọjà bá já wálẹ̀ débẹ̀, kó tà. Bí ọjà bá ṣe ń gòkè ni wọ́n ń gbé iye ìjáde tẹ̀lé e, wọn kì í sì í dá a padà sísàlẹ̀.

Jesse Livermore, gbajúmọ̀ oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, fi ìlànà àfikún sórí èrè yìí sínú ìwé tó gbé jáde ní 1940. Àwọn tó sọ ọ́ di òfin oníṣirò ni Richard Dennis àti William Eckhardt ní Ṣikágò, tí wọ́n kọ́ àwùjọ kan tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá ní òwò láti ìparí 1983. Àwọn Ìjàpá máa ń wo bí iye ọjà ṣe ń lọ sókè-sódò lóòjọ́ láàárín 20 ọjọ́. Bí ọjà bá ti gòkè ní ìdajì ìwọ̀n yẹn, wọ́n á ra ẹyọ kan kún un, títí yóò fi pé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ewu tiwọn kò dúró lójú kan: ẹyọ àkọ́kọ́ lè mú 2% owó ojú òwò lọ, nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ lè mú 5% lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé iye ìjáde sókè.

Ká ní ẹnì kan ní ₦1,000,000, tó sì gbà pé òun kò ní pàdánù ju ₦20,000 lọ lórí òwò kan. Ó ra ìpín 4,000 ní ₦50, ó fi iye ìjáde sí ₦45. Ìpín náà dé ₦55, ó gbé iye ìjáde dé ₦50. Ní báyìí, ìpín àkọ́kọ́ kò lè pa á lówó mọ́, nítorí náà ó láyè láti fi ₦20,000 wewu lákọ̀tun: ó tún ra 4,000. Nígbà tí ìpín dé ₦60, ó gbé iye ìjáde dé ₦55. Èrè ₦20,000 ti dájú lórí ti àkọ́kọ́, kò sí èrè kò sí àdánù lórí ìkejì. Bó bá ka èrè yẹn mọ́ ₦20,000 tó ti yà sọ́tọ̀, ó lè ra 8,000 mìíràn. Ìpín 16,000 ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewu rẹ̀ kò sì tíì kọjá ₦20,000.

Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Bí ìpín bá padà sí ₦55, ₦20,000 yóò lọ. Ìpín tó rà ní ₦50 ti gòkè ní ₦5 síbẹ̀ ó pàdánù, nígbà tí ẹni tí kò fi kún tirẹ̀ rárá, àmọ́ tó gbé iye ìjáde bákan náà, yóò jèrè ₦20,000. Ìdí ni pé àfikún tó pọ̀ jù ló wà lókè pátápátá, ó sì ti fa ìpíndọ́gba iye tó fi rà á láti ₦50 lọ sí ₦56.25. Ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa wò ṣáájú àfikún kọ̀ọ̀kan: níwọ̀n ìgbà tí ìpíndọ́gba bá ga ju iye ìjáde lọ, owó ojú òwò ṣì wà nínú ewu. Pírámíìdì tó dára ní ìdí tó fẹ̀ àti orí tó tín-ín-rín.

Ìyẹn ló fi sàn kí àfikún máa dín kù, bí àpẹẹrẹ 4,000, lẹ́yìn náà 2,000, lẹ́yìn náà 1,000. Ìpíndọ́gba rẹ̀ kò tó ₦53, bí wọ́n bá sì tà á ní ₦55, èrè ₦15,000 wà níbẹ̀. Owó téèyàn ń san fún ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí kò kéré o: bí ìpín bá dé ₦80 tí wọ́n tà á ní ₦75, àfikún tó ń dín kù mú ₦155,000 wá, èyí tó ń pọ̀ sí i mú ₦300,000 wá, ẹni tí kò fi kún un rárá sì gba ₦100,000.

Òdiwọ̀n ewu wọ̀nyí dá lé pé alágbàtà rí ìpín tà ní iye ìjáde gan-an, ìyẹn kò sì dájú nígbà gbogbo. Ní ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, iye ìpín kò lè já ju 10% lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n láàárín ìwọ̀n yẹn, olùrà lè máà sí. Bí ìpín ₦60 bá já sí ₦54 kí ẹnikẹ́ni tó rà á, ẹni tó ní 16,000 yóò pàdánù ₦36,000 dípò ₦20,000 tó rò. Ẹni tó dín àfikún rẹ̀ kù ṣì ní èrè ₦8,000 ní iye kan náà, kí wọ́n tó yọ owó alágbàtà.