Ìtumọ̀-padà àti Ìwé Ìbéèrè ní Èdè Yorùbá: Láti Aró dé Ìdíkàn

1. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1961, àwọn oníwàdìí láti Yunifásítì Kọ̀nẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ àwọn dókítà ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta láti wádìí àìsàn ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá. Alexander Leighton ni ó ṣáájú àwọn àlejò; Thomas Adéoyè Lámbò ni ó ṣáájú àwọn onílé. Wọ́n bi àwọn ará ìlú Abẹ́òkúta àti ti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀ ní ìbéèrè, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 1963. Leighton ti ṣe irú ìwádìí yìí tẹ́lẹ̀ ní ìgbèríko kan ní ilẹ̀ Kánádà, ó sì fẹ́ fi ibì kan wé èkejì.

Ẹni tí yóò bá fi ibì kan wé èkejì gbọ́dọ̀ bi àwọn ènìyàn ibi méjèèjì ní ìbéèrè kan náà. Níbẹ̀ ni ìṣòro ti dé. Àwọn oníwàdìí náà kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo ohun tí àwọn dókítà aláwọ̀ funfun ń pè ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì jọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ènìyàn má lè sùn, kí oúnjẹ má wù ú jẹ, kí inú rẹ̀ bàjẹ́, kí iṣẹ́ sú u. Orúkọ àpapọ̀ ni kò sí. A rí i nígbà náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni a ń wá nígbà tí a bá ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè, bí kò ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ mọ̀ lára ẹni tí a ń bi.

2. Ohun tí a ń pè ní ìtumọ̀-padà

Ní ọdún 1970 ni Richard Brislin kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó sọ ọ̀nà àyẹ̀wò kan di mímọ̀ káàkiri láàrin àwọn oníwàdìí. Ọ̀nà náà kò le. Ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè méjèèjì yóò túmọ̀ ìwé ìbéèrè láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rárá yóò gba ti Yorùbá, yóò sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì kejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, a ó padà sí ti Yorùbá láti tún un ṣe.

Èyí ni a pè ní ìtumọ̀-padà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìwúlò rẹ̀ ni pé oníwàdìí tí kò gbọ́ Yorùbá lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí gbólóhùn kan ti já sílẹ̀ tàbí ibi tí ìtumọ̀ ti yí padà. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: ó lè yin ìtumọ̀ tí kò dára, ó sì lè bú èyí tí ó dára.

3. Ìbéèrè kan lórí oorun

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. David Goldberg ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àtòjọ ìbéèrè kan lórí ìlera ọkàn. Ẹ̀dà rẹ̀ kúkúrú tí ó ní ìbéèrè 12 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé lò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, nígbà tí ó ṣe ìwádìí ní ibùdó 15 káàkiri ayé. Ìbàdàn wà lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà fẹ́ mọ̀ bóyá ìdààmú ti gba oorun lójú ènìyàn láìpẹ́ yìí. Ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà sọ ọ́ ni pé ènìyàn sọ oorun nù.

Bí atúmọ̀ bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohun tí yóò kọ ni: “Ǹjẹ́ ẹ ti pàdánù oorun púpọ̀ lórí ìdààmú láìpẹ́ yìí?” Fún ẹlòmíràn ní ìwé yìí kí ó dá a padà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Ìdí ni pé akọ̀wé ni ẹni tí ó túmọ̀, akọ̀wé náà ni ẹni tí ó dá a padà. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Yorùbá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí Ìrókò ní agbègbè Akínyẹlé, kí ẹ bi àgbàlagbà tí ó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀. Lójú rẹ̀, owó tàbí ènìyàn ni a ń pàdánù. A kì í pàdánù oorun.

Ohun tí yóò yé e ni: “Ṣé ìrònú kì í jẹ́ kí ẹ sùn dáadáa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?” Wàyí o, bí ẹni tí ó ń dá a padà bá fi ara balẹ̀ túmọ̀ èyí ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, yóò kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì pé ọjọ́ mẹ́ta géérégé ni a ń bèèrè. Oníwàdìí yóò figbe ta pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ pé “lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta” kì í ṣe òǹkà, àìpẹ́ ni ó túmọ̀ sí. Àyẹ̀wò náà ti gba èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó, ó sì ti kọ èyí tí ó gún régé.

Ohun kan tún wà nínú gbólóhùn kejì yìí tí ìtumọ̀-padà kò lè fi hàn láéláé. Ìbéèrè náà ní “kì í” nínú. Bí a bá bi Yorùbá pé “Ṣé ẹ kì í sùn dáadáa?”, tí ó sì dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni”, ohun tí ó ń wí ni pé òótọ́ ni, òun kì í sùn. Elédè Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá rí oorun sùn yóò dáhùn pé rárá. Ìbéèrè bára mu, ìdáhùn yàtọ̀. Bí ẹni tí ó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ bá ti fi ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò di aláìsàn, aláìsàn yóò sì di ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí a ti í mọ̀ ni pé a ó bi ẹni kan náà ní ìbéèrè kan náà láìsí “kì í” nínú rẹ̀. Bí ìdáhùn méjèèjì bá ń tako ara wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbéèrè ni ó ní àrùn, kì í ṣe àwọn ènìyàn. Nítorí náà, ohun tí ó sàn jù ni kí a yí i sí: “Báwo ni ẹ ṣe ń sùn sí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?”, kí a sì ka àwọn ìdáhùn tí ó wà nílẹ̀ fún wọn.

4. Ìdíkàn àti Indianápólísì

Ìwádìí tí ó fi hàn jù lọ bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó ni èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiánà jọ ṣe lórí àìsàn tí ń ba iyè àgbàlagbà jẹ́. Ìdíkàn nínú ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é níhìn-ín. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianápólísì ni wọ́n ti ṣe é lọ́hùn-ún. Hugh Hendrie, Kathleen Hall, Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Àwọn tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bi: 2,494 ní Ìbàdàn, 2,212 ní Indianápólísì. Ní 1995, wọ́n ròyìn pé ìdá 2.29 nínú 100 ni àìsàn náà ń bá jà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdá 4.82 láàrin àwọn tí ń gbé ilé ara wọn ní Indianápólísì.

Ìyàtọ̀ náà lé ní ìlọ́po méjì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè kọ́kọ́ bi ni pé: ṣé ara àwọn ènìyàn ni ìyàtọ̀ yìí wà, tàbí inú ìtumọ̀?

Àtòjọ ìbéèrè tí wọ́n lò, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fún ẹ̀yà Kíríì ní Kánádà, jẹ́ èyí tí ẹni tí kò mọ̀wé lè dáhùn. Irú rẹ̀ máa ń ní iṣẹ́ tí a ń fún iyè ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan tí a mọ̀ mọ́ àtòjọ yìí ni ọkọ̀ ojú omi, ilé àti ẹja. A ó ní kí àgbàlagbà há wọn sórí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì kúrú. Bí a bá wí pé “ọkọ̀ ojú omi”, ìtumọ̀-padà yóò yìn wá, ṣùgbọ́n a ti di ẹrù kún ẹrù àgbàlagbà Yorùbá, nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò há sórí dípò ẹyọ kan. Bí a bá wí pé “ọkọ̀” nìkan, iṣẹ́ náà yóò bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tí ń dá a padà lè kọ mọ́tò sílẹ̀. Èwo ni kí a mú? “Ọkọ̀” ni, nítorí iyè ni a ń dán wò, kì í ṣe ìmọ̀ nípa odò.

Apá kejì àtòjọ náà ni a fi ń bi ará ilé nípa àgbàlagbà náà. Ọ̀rọ̀ wà fún un lédè wa: a ní arúgbó ń ṣarán. Ṣùgbọ́n ta ni a ó bi pé “Ṣé bàbá yín ti ń ṣarán?” tí kò ní gbà pé a bú bàbá òun? Ìṣe ni a gbọ́dọ̀ bèèrè: ṣé wọ́n máa ń ṣìnà ládùúgbò, ṣé wọ́n máa ń gbàgbé ibi tí wọ́n fi nǹkan sí. Níhìn-ín pàápàá, ìṣe kan náà kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí ohun kan náà. Bí màmá tí ń dá gbé ní Indianápólísì kò bá lè dáná mọ́, ó lè jẹ́ àmì àìsàn. Ní agbo ilé tiwa, ìyàwó ilé àti ọmọ-ọmọ ni ó ń dáná, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bí màmá àgbà ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn oníwàdìí Ìdíkàn kò gbára lé ìtumọ̀ nìkan. Lẹ́yìn ìbéèrè, àwọn dókítà yẹ àwọn tí a fura sí wò, wọ́n sì tún yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn tí ó dáhùn dáadáa. Ẹ̀yìn gan-an ni ọgbọ́n náà wà. Bí ìtumọ̀ bá ti mú ìbéèrè le jù, àwọn dókítà yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le láàrin àwọn tí a fura sí. Bí ó bá ti mú un rọrùn jù, wọn yóò rí aláìsàn láàrin àwọn tí ó yege. Wọ́n tún tẹ̀lé àwọn ènìyàn náà fún ọdún mélòó kan. Ní 2001, wọ́n ròyìn pé àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dún jẹ́ ìdá 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn àti ìdá 3.24 ní Indianápólísì. Ìyàtọ̀ náà kò parẹ́.

5. Ibi tí iṣẹ́ wa kàn

Ìtumọ̀-padà kò di ohun tí a ó sọ nù. Ó dára láti mú ohun tí ó já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí a ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí etí ènìyàn bí mélòó kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìrókò tàbí ibòmíràn tí ó jọ ọ́. A kò ní bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, nítorí wọn yóò ní ó yé àwọn kí wọ́n má bàa dójú tì wá. A ó ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tún ìbéèrè náà bi wá. Gbólóhùn tí wọ́n bá lò láti fi tún un bi wá ni ó sábà máa ń jẹ́ ìtumọ̀ tí a ti ń wá. Kí ó tó di pé a tẹ̀ ẹ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gbogbo, kí ẹni tí yóò kà á síta má bàa sọ ọkọ̀ di ọkọ́.