Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára ń sọni di àgàn? Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí à ń gbọ́ nílé àti lọ́jà

Nígbà tí àwọn onílé ìwòsàn bá wọ abúlé wa láti fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni à ń gbọ́ jù: pé ó ń sọ obìnrin di àgàn, pé ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, pé ó ń gba agbára tí Ọlọ́run fi sínú ara. A kò ní fi ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ká sì wo ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ń sọni di àgàn"

Ní 2003, ní Kánò ní àríwá Nàìjíríà, àwọn aṣáájú kan sọ pé wọ́n ti po oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ mọ́ oògùn pólíò tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró níbẹ̀. Ó di 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Àmọ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò dúró dè wọ́n. Ó gba Nàìjíríà kọjá bodè, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ó dé Tógò àti àwọn ilẹ̀ míì.

Kòkòrò pólíò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú oògùn náà. Inú ìfun ló ti ń kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́. Kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ilé ọmọ. Àwọn ọmọdébìnrin tó gbà á nígbà náà ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ń bímọ. Ẹ̀rí míì wà nílé yín. Àwọn agbẹ̀bí máa ń fún aláboyún ní abẹ́rẹ́ ipá, kí ipá má bàa pa ọmọ tuntun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ti bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ó gba abẹ́rẹ́ náà nígbà oyún àkọ́kọ́, ó sì tún lóyún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ń fa ótísìmù"

Ótísìmù ni ipò tí ọmọ fi máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tàbí tí kì í fẹ́ wo ojú èèyàn, tí bíbá ẹlòmíì ṣe pọ̀ fi máa ń ṣòro fún un. Ní 1998, dókítà Andrew Wakefield ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa ọmọ 12 péré, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ èèyi, èyí tí wọ́n ń pè ní rúsọ́ọ̀lù, ló fà á. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ohun tó kọ nípa àwọn ọmọ náà kì í ṣe òótọ́. Ní 2010, ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e, wọ́n sì gba iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Dẹ́nímáàkì, wọ́n tẹ̀lé ọmọ 657,461. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, ótísìmù kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kí ló wá dé tí àwọn òbí kan fi so méjèèjì pọ̀? Ọdún kejì ọmọ ni a sábà máa ń rí àmì ótísìmù, àsìkò náà sì súnmọ́ ìgbà abẹ́rẹ́ èèyi. Bí àkùkọ bá kọ tí ilẹ̀ sì mọ́, kì í ṣe àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́.

"Ó ń gba agbára ara"

Òótọ́ ni pé ọmọ tó bá ṣe èèyi tó sì yè kì í sábà ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n èèyi lè fọ́jú ọmọ, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè pa á. Ohun míì tún wà. Ní Họ́láńdì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 77 tí kò gba abẹ́rẹ́ wò, ṣáájú èèyi àti lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìjà tí ara wọn ti kó jọ fún àwọn àrùn mìíràn, èèyi pa láti 11 títí dé 73 run. Bí ẹni tó gbàgbé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ara wọn ṣe rí. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ kàn ń fi ojú ọ̀tá hàn án ṣáájú.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́

Apá lè dun ọmọ, ara rẹ̀ sì lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ti abẹ́rẹ́ èèyi lè dé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 12, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ó ṣọ̀wọ́n kí ara ọmọ kọ abẹ́rẹ́ gan-an. Bí yóò bá ṣẹlẹ̀, láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n gún un ni ojú á wú tàbí tí èémí á ṣòro; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí ara tó gbóná kò rọlẹ̀, ẹ gbé e padà kíákíá. Aláboyún kì í gba abẹ́rẹ́ èèyi, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára gan-an. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún un, kí ẹ sì mú kaané ọmọ dání, torí inú rẹ̀ ni wọ́n á ti rí èyí tó ti gbà àti èyí tó kù.