Dò dò mí

Aago 5:40 ìdájí. Iná kò tíì dé ní Ajíbọ́dé. Mo ń da omi gbígbóná sínú fúláàsì nígbà tí mo gbọ́ ohùn láti yàrá Mọ́mì. Orin ni. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó fi dákẹ́. Mo gbé fúláàsì sílẹ̀ láìdé e.

Aago 5:52. Orin náà tún wá. Ọwọ́ òsì wọn ń fi ṣíbí lu etí abọ́ ẹ̀kọ àná. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni etí mi mú. Èkíní jọ "oríkì", ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò là, fáwẹ̀lì àárín rẹ̀ rì. Èkejì jọ "sósà". Mo ní, "Mọ́mì, orin wo nìyẹn?" Wọ́n wò mí. Wọn kò dáhùn. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀yìn páálí oògùn, mo kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Aago 6:30. Bátìrì fóònù mi ku 38. Mo tẹ oriki sosa sórí Google. Oríkì ìlú, oríkì ìdílé, oríkì orúkọ ọmọ ló tò wá. Mo fi àmì àyọlò há a mọ́lẹ̀, "oriki sosa", kí ó lè jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ti tẹ̀lé ara wọn nìkan ni yóò wá. Kò sí orin kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dáni lójú ni àmì yẹn wà fún. Bí lẹ́tà kan bá ti ṣì, ohun tí à ń wá gan-an ló máa kọ́kọ́ tì síta. Mo yọ ọ́, mo fi lyrics kún un. Orin òyìnbó ló kún ojú fóònù. Nínú orin àtijọ́ wa, díẹ̀ ni ẹnikẹ́ni jókòó tì láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Inú àwo ló wà, orí àwọn tó gbọ́ ọ ló kù sí.

Aago 7:15. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu Mọ́mì. Láti ọdún 2020 ni Google ti ń gbọ́ ẹni tó bá ń kùn orin, tí yóò sì wá a kiri, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 ló ń fẹ́ gbọ́. Mẹ́rin ni Mọ́mì ní. Mo dúró títí orin náà fi tún wá, mo gbà á sílẹ̀. Ìró ṣíbí wà nínú rẹ̀. Àkùkọ aládùúgbò náà wà nínú rẹ̀.

Aago 9:00. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ọ lórí WhatsApp. Ó ní orin ìjọ ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kò wí nǹkan kan mọ́. Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún, mo sì pa ìpè náà.

Aago 11:10. Mọ́mì sùn. Mo ní kí ọmọ aládùúgbò jókòó tì wọ́n. Mo gba ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn, lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Yàrá àwo ilé-iṣẹ́ rédíò ni wọ́n fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́.

Aago 11:35. Bàbá ń bó ọsàn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo kọ sẹ́yìn páálí. Wọ́n dá mi dúró.

"Má kà á fún mi. Ohùn rẹ̀ dà?"

Mo tẹ fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú. Ọwọ́ náà wà nísàlẹ̀. Ó tún wà nísàlẹ̀. Ó gòkè.

"Oríkì lo pè é. Re, mí, dò nìyẹn. Èyí tí màmá rẹ ń kọ, dò, dò, mí ni. Orin Yorùbá kì í sábà já ọ̀rọ̀ gbà lọ́wọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹnu bá ti wúwo, fáwẹ̀lì lè bàjẹ́. Ohùn orin kò bàjẹ́ níhìn-ín."

Mo wo páálí ọwọ́ mi. Láti òwúrọ̀, lẹ́tà ni mo ń wá. N kò wá ohùn.

Wọ́n tún béèrè pé, "Níbo ni wọ́n gbé nígbà ọmọge?"

Mo ní Òṣogbo. Bàbá dákẹ́. Èèpo ọsàn gùn bí okùn lórí itan wọn.

"Òròkí," ni wọ́n wí. "Òṣogbo Òròkí. Sósà rẹ yẹn, sóṣíà ni. Sóṣíà kílọ́ọ̀bù."

Aago 12:05. Bàbá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú àpàlà àti sákárà, orúkọ ẹni tí olórin ń kì tàbí ẹgbẹ́ tó pè é ṣeré ni wọ́n sábà fi ń pe àwo. Nítorí náà, bí orúkọ ènìyàn, ìlú tàbí ẹgbẹ́ bá wà nínú ìwọ̀nba tí a rántí, òun ni ká kọ́kọ́ dì mú, ká fi òwe àti àdúrà sílẹ̀, torí ẹnu olórin mẹ́wàá ni òwe kan náà ti lè jáde. Wọ́n ní Haruna Ishola, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ló ṣe àwo kan fún ẹgbẹ́ Òṣogbo náà ní 1971, ní Decca. Àmọ́ wọ́n gbé ìka sókè. Àbá ni títí etí yóò fi gbọ́ ọ.

Aago 1:50. Òjò. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù bábà, mo ń gba iná sí fóònù. Mo tẹ oroki social club haruna ishola. Ó jáde lójú ẹsẹ̀. N kò gbà á gbọ́. Mo yá fóònù bábà, mo fi àwo sórí tirẹ̀, mo fi ohùn Mọ́mì sórí tèmi. Agídìgbo ń dún nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè, kò sí gìtá. Mo jẹ́ kó lọ láìfò ó, nítorí orin irú èyí gùn, ibi tó há sí ènìyàn lórí kì í sábà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Òròkí náà dé, mo tẹ tèmi. Méjèèjì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bábà pa ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀.

Aago 3:40. Mo padà sílé. Mọ́mì ti jí. Ṣíbí wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ìrọ̀rí níbi tí mo gbé e sí ní òwúrọ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyí tí rọpárọsẹ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, wọn kò béèrè omi. Obìnrin tó ń kọ́ aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ti sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sábà ń gbé, àti pé ẹni tí ibẹ̀ bàjẹ́ fún ṣì lè kọrin. Ní Bọ́sítìnì, wọ́n ti kọ̀wé ní 1973 nípa fífi orin fa ọ̀rọ̀ padà. Ó ní bí wọ́n bá kùn ohunkóhun, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká kọ aago, ká wá orin náà, torí ọ̀la ni òun ń bọ̀, orin tí wọ́n mọ̀ fúnra wọn ni òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Aago 3:46. Mo tẹ̀ ẹ́. Ṣíbí dúró. Agídìgbo lọ fún ìgbà díẹ̀. Ṣíbí bẹ̀rẹ̀.

Aago 3:51. Mọ́mì kọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń dúró láti ìdájí. Wọ́n kọjá ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan, òmíràn, ó là. Mo wá páálí oògùn lórí tábìlì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo kọ aago sí i.