Láti Orí Ẹkún Ìyàwó Dé Orí Ọ̀rọ̀ Ọmọ-Ọmọ

Kí ọmọ-ọmọ tó máa ka ìwé ìyìn níbi ayẹyẹ 50 ọdún ìgbéyàwó, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lẹ́nu. Ní àgbègbè Ọ̀yọ́, bí ó bá ku dẹ̀dẹ̀ kí ó lọ ilé ọkọ, ìyàwó a máa sun ẹkún ìyàwó: á dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á ki oríkì ìran rẹ̀, á sì tọrọ àdúrà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó ń ka ọdún. Ogun tó jà tàbí ọba tó wà lórí oyè ni wọ́n fi ń rántí ìgbà tí ìyàwó wọlé.

Ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló mú kí kíkà ọdún ìgbéyàwó rọrùn. Àjàyí Crowther àti Aṣánò, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú, fẹ́ ara wọn ní Sàró ní 1829. Nígbà tó fi máa di 1879, ó pé 50 ọdún, Herbert Macaulay, ọmọ ọmọbìnrin wọn, sì ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Aṣánò kú ní 1880. Ní 1884, òfin ìgbéyàwó dé sí Èkó, ó sì fi ìwé ẹ̀rí lé tọkọtaya lọ́wọ́.

Lónìí, ọmọ-ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn òbí tó fa ìyàwó fún ọkọ ti lọ. Àwọn ọmọ ń sáré àlejò àti oúnjẹ. Ọmọ-ọmọ tó kéré jù di ìwé mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé makirofóònù sí i lẹ́nu, ìyá rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tó gbàgbé sí i létí.

Àléébù tó wọ́pọ̀ ni pé ìwé náà a máa bá gbogbo arúgbó mu. Ẹ yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wò bóyá a ṣì lè mọ ẹni tí wọ́n ń yìn. Èyí tó burú jù ni ti oríkì. Orúkọ ìdílé bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Nítorí náà, bí bàbá àgbà bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí, tí ìyá àgbà sì jẹ́ ọmọ Olófà, ogun Ìkòyí nìkan ni wọ́n ń kà jáde. Ìjàkadì Ọ̀fà, tí ìyá àgbà fẹnu ara rẹ̀ kì lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé bàbá rẹ̀, kì í dún mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ jókòó ti ìyá àgbà, kí ẹ bi í léèrè oríkì ilé bàbá rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe pè é, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọbìnrin tó dàgbà jù láàrin yín kì í fún un kí ẹ tó ka ohun mìíràn.